Sísún Ọjọ́ Kì í Ṣe Yíyẹ Àdéhùn

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kọkànlá, ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán, ímeèlì kan wọlé sórí fóònù àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan n'Íbàdàn. Iléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà ló kọ ọ́. Wọ́n ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, intafíù bí gbogbo wa ṣe ń pè é, ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ọjọ́ 16, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Oṣù mẹ́jọ ló ti fi ń wáṣẹ́. Ó pariwo, ó jó yí ilé po, lẹ́yìn náà ló jókòó pa. Ọjọ́rú yẹn gan-an bọ́ sáàárín ìdánwò ICAN, àjọ àwọn aṣèṣirò-owó ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó ti sanwó ìdánwò náà, ó sì ti ń kàwé fún un láti ìgbà òjò. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń ṣe é lọ́dún, ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kọkànlá. Bó bá fo èyí, ó di oṣù mẹ́fà mìíràn.

Ó pè mí nítorí ó mọ̀ pé ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan l'Ékòó, tó sì jẹ́ pé èmi ni mò ń ṣètò intafíù níbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àǹtí, bí mo bá ní kí wọ́n sún un, ṣé wọn ò ní sọ pé n kì í ṣe ẹni tó ṣeé gbára lé?"

Èdè wa ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn yẹ àdéhùn, ọ̀tọ̀ ni kó sún ọjọ́. Bí ìdílé ọkọ bá rí i pé ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìdána kò ní ṣeé ṣe mọ́, wọn kì í jókòó sílé kí ọjọ́ náà pé. Wọ́n á rán alárinà lọ kí ìdílé ìyàwó tó sanwó màlúù àti àga, alárinà náà kò sì ní lọ lọ́wọ́ òfìfo. Á mú ọjọ́ mìíràn dání, èyí tí àwọn tó rán an ti fẹnu kò lé lórí. Nígbà tó bá fi máa dìde, ọjọ́ tuntun ti wà nílẹ̀. Ẹni tó yẹ àdéhùn ni èyí tó kàn ní "kò ní ṣeé ṣe o" tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ímeèlì tí a fi ń sún intafíù gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ alárinà yẹn tán pátápátá, kó má ku ìbéèrè kankan fún ẹni tó gbà á ju pé kó mú ọjọ́ kan.

Kí n tó sọ bí a ṣe kọ lẹ́tà náà, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ẹ̀yìn tábìlì tí mo jókòó sí fún ọdún mẹ́fà yẹn. Agogo mẹ́wàá Ọjọ́rú tí ẹ rí nínú ímeèlì kì í ṣe agogo tí ẹnì kan ṣàdédé mú. Èèyàn mẹ́ta ló sábà máa ń jókòó nídìí intafíù: ọ̀gá ẹ̀ka tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́, ẹnì kan láti ẹ̀ka mìíràn, àti ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ wa. Wákàtí kan tí ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa dilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ṣọ̀wọ́n. Mo lè fi ọjọ́ méjì wá a. Bí ẹni tí a pè bá wá kọ̀wé pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún un," èmi náà máa kọ̀wé béèrè pé ìgbà wo ló lè wá. Á dáhùn lọ́jọ́ kejì pé Ọjọ́ Ajé. Èmi á wo kàlẹ́ńdà àwọn mẹ́ta yẹn, ọ̀kan nínú wọn á ti rìnrìn àjò ní Ọjọ́ Ajé, èmi á tún kọ̀wé padà. Ìwé kan, ọjọ́ kan. Láàárín ìgbà náà, àwọn mìíràn tí a pè fún iṣẹ́ kan náà ti wá, wọ́n ti ṣe tiwọn, wọ́n ti lọ. Kò sí ẹni tó bínú sí ẹni tó ní ká sún ọjọ́. Wọ́n kàn gbàgbé rẹ̀ ni.

Nítorí náà, kì í ṣe pé ọjọ́ kò bá yín lára mu ló ń bà yín lórúkọ jẹ́. Lílọ síwájú-sẹ́yìn yẹn ni.

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi ti kọ nǹkan kan kó tó pè mí, kò sì tíì fi í ránṣẹ́. Ó kà á fún mi lórí fóònù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, torí pé òun ni iléeṣẹ́ náà fi kọ̀wé sí i, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ kú ọ̀sán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Inú mi dùn púpọ̀ sí àǹfààní ńlá yìí, ó sì dùn mí gan-an pé ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí n lè wá ní Ọjọ́rú. Mo bẹ̀ yín, ṣé ẹ lè bá mi sún un sí ọjọ́ mìíràn? Ọjọ́ tó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn ló rọ èmi náà lọ́rùn. Ẹ forí jì mí, mà. Mo ń retí èsì yín."

Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ló kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀kọ́ ilé yẹn gan-an ló sì fẹ́ kó bá a. Nílé wa, ọmọdé kì í dá ọjọ́ fún àgbà. Bí a bá fẹ́ rí bàbá kan, àwa kọ́ la máa sọ fún un pé agogo méjì ni kó jókòó dè wá. A ó ní, "Bàbá, ìgbà wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn?" Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa fi rò pé àfojúdi ni kí wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀ fún ọ̀gá iléeṣẹ́. Mo mọ ìrònú yẹn, mo sì fẹ́ràn ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n níbi tí a wà yìí, "ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn" ń gbé iṣẹ́ padà fún ẹni tí a fẹ́ bọ̀wọ̀ fún. Kò tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, nítorí bí wọ́n bá mú Ọjọ́bọ̀, ìdánwò ṣì wà ní Ọjọ́bọ̀, yóò sì di dandan fún un láti tún bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀wọ̀ lè wà nínú bí a ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ẹ ní "bí èyíkéyìí nínú àwọn àkókò wọ̀nyí bá bá yín lára mu," kí ẹ wá kọ àwọn àkókò náà sí i. Àgbà ṣì ni yóò mú. Ẹ kàn kó wọn síwájú rẹ̀ ni.

Ohun kejì nínú lẹ́tà náà ni "ohun kan ṣẹlẹ̀." Ẹni tó bá kà á á béèrè lọ́kàn ara rẹ̀ pé, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ọ̀la náà nǹkan kan ò tún ní ṣẹlẹ̀? Ìdí tó ṣeé sọ ni kí ẹ sọ, ní gbólóhùn kan tàbí méjì, kí ẹ sì jẹ́ kó hàn pé ẹ̀yin kọ́ lẹ dá ọjọ́ rẹ̀, tàbí pé ó ti wà nílẹ̀ kí ìpè wọn tó dé. Ìdánwò tí àjọ kan mú ọjọ́ fún, iṣẹ́ abẹ tí dókítà ti dá ọjọ́ rẹ̀, ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ ti sún sí ọjọ́ kan: gbólóhùn kan tó fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ intafíù iṣẹ́ mìíràn ló kọlù ú, kò pọn dandan kí ẹ dárúkọ rẹ̀. "Mo ti ní àdéhùn kan tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ní wákàtí yẹn" jẹ́ òótọ́, ó sì tó, níwọ̀n bí èyí tó pe yín lẹ́yìn bá ti jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ sún.

Ẹ má ṣe parọ́ sí i. Kì í ṣe ìwà nìkan ni mo ń sọ. Ní iléeṣẹ́ wa nígbà kan, ọ̀dọ́kùnrin kan kọ̀wé pé ìyá ìyá òun kú, pé kí a sún tòun sí ọ̀sẹ̀ kejì. A sún un. Nígbà tó dé, kó tó jókòó dáadáa, ọ̀gá wa, tí í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú, ti kí i: "Ẹ kú ọ̀ràn ènìyàn. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún màmá. Ṣé ẹ ti sìnkú náà? Ilé ibo ni màmá?" Kò sí ẹni tó fẹ́ dán an wò. Bí a ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn. Ọmọ náà ò rí èsì fọ̀, ó wojú ilẹ̀, ó dárúkọ ìlú kan, ó tún dárúkọ òmíràn. Gbogbo intafíù ti parí níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí sífì rẹ̀. Ní àwùjọ tiwa yìí, ìdí tí ẹ bá fún èèyàn ni wọn yóò fi kí yín nígbà tí ẹ bá dé.

Ẹ̀bẹ̀ ló kù nínú lẹ́tà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bẹ̀bẹ̀ nínú gbólóhùn méje. Ẹ̀ẹ̀kan ló tó. Bí ẹ̀bẹ̀ bá ti pọ̀ jù, ẹni tó ń kà á á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

A wá jọ jókòó ti lẹ́tà tuntun. Kó tó kọ ohunkóhun, mo ní kó dáhùn ìbéèrè kan fún ara rẹ̀: bí wọ́n bá ní àwọn ò lè sún un, èwo nínú méjèèjì ló máa yàn? Kì í ṣe ohun tó máa kọ sínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì mọ èsì rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ máa ń mì. Ó ronú, ó ní ìdánwò ni. Mo ní ó dáa, ká wá kọ̀wé.

Àwọn àkókò tó máa fún wọn ló gbà wá lásìkò jù. Mo ní kó mú ọjọ́ mẹ́ta, kó sì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí púpọ̀, kì í ṣe agogo kan ṣoṣo. Ọjọ́ kan péré dà bí ẹni ń pàṣẹ, ọjọ́ méje sì pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ yẹ kàlẹ́ńdà èèyàn mẹ́ta wò. Ó fẹ́ kọ agogo mẹ́jọ àárọ̀ kó lè hàn pé òun jẹ́ akínkanjú. Mo ní, láti Ìbàdàn? Ẹni tó máa wọkọ̀ n'Íbàdàn, tó máa gba Ìbafo àti Bẹ́gà kó tó dé Ìkẹjà, kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ agogo mẹ́jọ. Ọjọ́ tí a bá fọwọ́ ara wa mú, tí a tún pẹ́ dé, ìyẹn kò ní àwáwí. Mùsùlùmí ni, nítorí náà a yọ wákàtí Jímọ́ọ̀ kúrò nínú Ọjọ́ Ẹtì. Ohun kékeré ni, àmọ́ mo ti rí ẹni tó kọ "Ọjọ́ Ẹtì, ìgbàkúgbà," tí a fún ní agogo kan ọ̀sán, tó sì tún ní láti kọ̀wé padà.

Lẹ́tà tó jáde nìyí:

"Ẹ kú ọ̀sán mà,

Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí fún intafíù ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, agogo mẹ́wàá àárọ̀, fún iṣẹ́ aṣèṣirò-owó. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ wá.

Ọjọ́ náà bọ́ sáàárín ìdánwò ICAN tí mo ti forúkọ sílẹ̀ fún, láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 15, títí di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17, n'Íbàdàn. Àjọ náà ló mú ọjọ́ rẹ̀, kò sì ṣeé yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìyọnu tí èyí máa fà fún yín.

Bí èyíkéyìí nínú àwọn àkókò wọ̀nyí bá bá yín lára mu, mo ti ṣe tán láti wá sí ọ́fíìsì yín:

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 18: agogo mọ́kànlá sí agogo kan, tàbí agogo mẹ́ta sí márùn-ún
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 21: agogo mọ́kànlá sí agogo márùn-ún
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 22: agogo mọ́kànlá sí agogo márùn-ún

Bó bá jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ wáyé kí ọjọ́ 16 tó kọjá, mo lè wá ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14, láti agogo mọ́kànlá. Nọ́ńbà fóònù mi wà nísàlẹ̀."

Ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn. Òun ló ná an ní nǹkan kan, nítorí pé Ọjọ́ Ajé ló ṣáájú ọjọ́ ìdánwò. Èmi kọ́ ni mo ní kó kọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun lè fara dà á. Ẹni tó bá ti wà nídìí ètò intafíù rí á rí i pé ẹni yìí ti ronú lórí wàhálà tiwa pẹ̀lú.

Orí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i gan-an ló ti tẹ "Reply", kò dá ímeèlì tuntun sílẹ̀, kò sì yí ohun tó wà níwájú "Subject" padà. Ẹni méjì ni wọ́n fi lẹ́tà náà hàn lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ náà, nítorí náà "Reply all" ló lò, kí ẹnì kan má baà mọ̀ kí ẹnì kejì má mọ̀. Ìpè orí kàlẹ́ńdà náà wà nínú ímeèlì yẹn, tòun ti ibi tí a kọ "Decline" sí. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ohun tí ọ̀gá náà máa kọ́kọ́ rí ni pé ẹ kọ̀, ó sì lè má tíì ka lẹ́tà yín nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà sọ̀rọ̀ ná, kí ìpè tuntun sì rọ́pò ti àtijọ́.

Agogo mẹ́rin àbọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn kan náà ni lẹ́tà náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wákàtí kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn tó gba ìpè. Ọjọ́ tí ẹ bá ti mọ̀ pé ọjọ́ méjì kọlura ni kí ẹ kọ̀wé. Bó bá ti ku wákàtí mẹ́rìnlélógún tàbí kó dín, fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ wá fi ímeèlì tẹ̀ lé e, nítorí pé ímeèlì lè sùn sínú àpótí di ọjọ́ kejì. Bí ìpè bá sì wá láti òkè òkun, ẹ yẹ agogo wò kí ẹ tó kọ̀wé rárá. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá, agogo Lọ́ńdọ́ọ̀nù bá tiwa dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, tiwa fi wákàtí kan ṣáájú tiwọn, nítorí àwọn ni wọ́n ń yí agogo wọn padà, àwa kì í yí i. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ sún intafíù orí fídíò nítorí ìpàdé agogo mẹ́wàá, tí agogo mẹ́wàá ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì jẹ́ mọ́kànlá lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó kọlu ohun kankan. Bí ẹ bá ń kọ wákàtí sí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹ kọ WAT síwájú rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé agogo tiwa ni.

Ọjọ́ Ẹtì mọ́, èsì ò dé. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí. Wọ́n á rò pé níwọ̀n bí àwọn ti kọ̀wé, ọjọ́ ti sún. Kò tíì sún. Títí ẹnì kan á fi kọ̀wé padà pé a gbà, Ọjọ́rú agogo mẹ́wàá ṣì dúró, ìgbìmọ̀ sì lè jókòó dè yín. Ní agogo mọ́kànlá, àbúrò ọ̀rẹ́ mi pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìwé ìpè náà. Obìnrin tó gbé e ní ìpàdé lòun ti wà látàárọ̀, ó ní òun ń wò ó lọ́wọ́. Ó ka àwọn ọjọ́ náà lójú ẹsẹ̀, ó ní ọ̀gá ẹ̀ka náà ò ní sí nílé ní Ọjọ́ Ajé, ṣé agogo méjìlá Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 18? Ìpè náà kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí àbúrò ọ̀rẹ́ mi ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ó kọ ìlà kan sórí ímeèlì yẹn kan náà: "Ẹ ṣeun mà. Bí a ṣe sọ lórí fóònù, Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, agogo méjìlá ọ̀sán, ní ọ́fíìsì yín n'Íkẹjà. Mo máa wà níbẹ̀." Ìpè tuntun wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà.

Gbogbo èyí ní ibi tó mọ. Ibi tí a ti kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀dọ́ jọ fún ìdánwò ìgbaniṣíṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tàbí tí ìjọba tẹ ọjọ́ sínú ìwé fún gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tó láṣẹ láti sún tiyín nìkan, bó ti wù kí lẹ́tà dùn tó. Ẹ kọ ọ́ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ ti yan èyí tí ẹ máa lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni iléeṣẹ́ kan ń gbà fún ènìyàn. Ní ọdún mẹ́fà yẹn, n kò rántí ẹni tí a sún ọjọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí a sì gbà síṣẹ́.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 16, nígbà tí àbúrò ọ̀rẹ́ mi jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tó sì tan fóònù rẹ̀, ó bá ìpè kan tí kò rí gbé láti Ìkẹjà, ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó máa jókòó ṣì ní ti àtijọ́ lórí kàlẹ́ńdà rẹ̀, ó ti wọ yàrá, kò sì bá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà á. Ó ṣí ímeèlì kó lè ṣàlàyé. Obìnrin tó gba fóònù lọ́jọ́ Ẹtì ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ó ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá yẹn, látorí lẹ́tà àkọ́kọ́ dórí ìlà tó kẹ́yìn, ó sì ti fi orúkọ àbúrò ọ̀rẹ́ mi náà sí i kó lè rí i: "Ẹ má bínú sà, a ti sún ti ọmọ yìí sí ọ̀túnla. Àwa la ò yọ ti àtijọ́ kúrò."